Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: HP, ọṣẹ́ àti àìlera ẹ̀yà nínú géèmù ìjà tí mo ń kọ

Géèmù tí mo ń ṣe yìí ò tóbi. Ìjà ló kún inú rẹ̀, ìjà "ó kàn mí, ó kàn ẹ́" bíi ti ayò ọlọ́pọ́n. Èmi á lù ẹ́, ìwọ náà á lù mí, ẹni tí HP rẹ̀ bá kọ́kọ́ di 0 ló ṣubú. Àwòrán àti orin lè dúró ná. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ parí ni fọ́múlà tó ń sọ iye HP tí ìkọlù kan máa já kúrò lára ẹni tí wọ́n lù. Iye yẹn ni màá máa pè ní ọṣẹ́. Python ni mo fi ń kọ ọ́, torí mo fẹ́ máa sáré dán nọ́ńbà wò kí n tó gbé e lọ síbi tí àwòrán wà.

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mo mú dání látìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa lu ẹnì kan kó tó ṣubú? Ọṣẹ́ 20 ò sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Lára ẹni tó ní HP 40, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbà. Lára ẹni tó ní 400, ogún ìgbà ni, ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré á ti sùn lọ kó tó parí. Gbogbo fọ́múlà tí mo yẹ̀ wò, ìbéèrè yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Fọ́múlà tó ń yọ

Èyí tó rọrùn jù ni kí a mú agbára ìkọlù, kí a yọ ààbò kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí RPG Maker MV, ohun èlò ìkọ géèmù kan tó jáde ní 2015, èyí lẹ máa bá nínú àpótí fọ́múlà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun:

```
a.atk * 4 - b.def * 2
```

Ẹni tó ń lu ni `a`, ẹni tí wọ́n ń lù ni `b`. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù Dragon Quest ń lo irú kan náà: ìdajì agbára ìkọlù, ẹ yọ ìdá mẹ́rin ààbò kúrò, ẹ wá fi orí-ire díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé fọ́múlà kan náà ni méjèèjì. Ti RPG Maker kàn fi ìlọ́po mẹ́jọ tóbi ju ti Dragon Quest lọ ni.

Mo fi ọ̀tá kan sílẹ̀ tó ní HP 400 àti ààbò 50. Nígbà tí agbára ìkọlù akọni mi jẹ́ 30, ọṣẹ́ jẹ́ 120 − 100, ìyẹn 20. Ogún ìgbà ló máa lù ú. Mo fún un ní idà tó fi 5 kún agbára rẹ̀, ọṣẹ́ di 40, ó di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Mo dá idà yẹn padà, mo tún gba 5 míì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó ku 25, ọṣẹ́ di 0. Kò lè pa ọ̀tá yẹn títí ayé. Àárín 25 sí 35 ni gbogbo ìjà náà wà, ibẹ̀ sì há.

Àwọn kan máa ń bú fọ́múlà yìí, èmi ò bá wọn bú u. Nínú géèmù tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, tí ẹni tó kọ ọ́ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọ̀tá kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ, ìyọkúrò dùn. Ẹni tó ra idà tuntun máa mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀, ẹni tó sì yà sí ìlú tí kò tíì tó o yà sí máa mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Ibi tó ti dà mí láàmú ni ibi tí àìlera ẹ̀yà ti wọlé.

Gbogbo abàmì ẹ̀dá inú géèmù mi ló ní ẹ̀yà: Iná, Omi, Koríko, Òkúta, Àfẹ́fẹ́ àti Mànàmáná. Bí Iná bá kọlu Koríko, mo fẹ́ kí ó dùn ún ní ìlọ́po méjì. Àmọ́ ibo ni kí n fi 2 yẹn sí? Bí mo bá fi í sẹ́yìn ìyọkúrò, 20 á di 40, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0, ìlọ́po méjì 0 náà ni 0. Ẹni tó ń fi géèmù ṣeré ti ronú, ó ti mú iná wá bá koríko, kò sì rí nǹkan kan gbà fún ọgbọ́n rẹ̀. Bí mo bá wá fi í síwájú, tí mo sọ agbára ìkọlù fúnra rẹ̀ di ìlọ́po méjì, 120 á di 240. Yọ 100, ó ku 140. Ohun tí mo kọ sínú tábìlì ni "ìlọ́po méjì", ohun tó jáde jẹ́ ìlọ́po méje. Bí ààbò ọ̀tá bá sì yí padà, ìlọ́po yẹn náà á tún yí. RPG Maker fúnra rẹ̀ máa ń fi ẹ̀yà sẹ́yìn ìyọkúrò, ibẹ̀ ni èmi náà ì bá fi í sí bí mo bá dúró lórí fọ́múlà yìí. Mi ò dúró.

Fọ́múlà tó ń pín

Géèmù tí mo mọ̀ jù tó ń pín agbára ìkọlù sí ààbò ni Pokémon, tí Game Freak gbé jáde fún Game Boy ní Japan ní 1996. Egungun fọ́múlà náà ò yí padà láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún àwọn nǹkan tó yí i ká tò. Bó ṣe rí nínú àwọn géèmù láti 2013 síwájú ni mo tẹ̀lé. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí n lè mọ̀ pé kóòdù mi péye kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí tèmi:

```python
def ose(L, agbara, A, D, r, ti_ara_eni, eya):
    if eya == 0:
        return 0
    d = (2 * L // 5 + 2) * agbara * A // D // 50 + 2
    d = d * r // 100
    if ti_ara_eni:
        d = d * 3 // 2
    return max(1, int(d * eya))
```

`L` ni ìpele ẹni tó ń lu. `agbara` jẹ́ ti ìkọlù fúnra rẹ̀, `A` jẹ́ agbára ìkọlù ẹni tó ń lu, `D` jẹ́ ààbò ẹni tí wọ́n ń lù. `r` ni orí-ire, nọ́ńbà kan láàárín 85 sí 100 tí ẹ̀rọ máa ń mú fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀yà ìkọlù bá bá ẹ̀yà ẹni tó ń lò ó mu, bí ẹ̀dá Iná tó ń tu iná, ọṣẹ́ á fi ìdajì lé sí i. Ẹ̀yìn ni `eya` ń bọ̀. Ìlà tó kọ́kọ́ wo bóyá `eya` jẹ́ 0 ṣe pàtàkì, torí ìlà tó kẹ́yìn ò gbà kí ọṣẹ́ kéré ju 1 lọ. Láìsí i, ẹ̀dá tí ìkọlù kan ò yẹ kó ràn rárá á máa pàdánù HP 1 lójoojúmọ́ ayé.

HP náà ní fọ́múlà tirẹ̀. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìpìlẹ̀ tí gbogbo irú rẹ̀ jọ ní, ó sì ní IV, nọ́ńbà láàárín 0 sí 31 tí wọ́n bí mọ́ ọn. Bí a bá yọ ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ kúrò, HP jẹ́ `(2 * ipile + IV) * L // 100 + L + 10`. Ti ìkọlù àti ààbò jọ èyí, àfi pé 5 ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn dípò `L + 10`.

Ẹ jẹ́ ká bá ìjà kan lọ. Charizard àti Venusaur, ìpele 50 làwọn méjèèjì, IV 31. Nọ́ńbà ìpìlẹ̀ Charizard fún ìkọlù àkànṣe, èyí tó ń dúró fún `A` nínú ìkọlù bíi títu iná, jẹ́ 109, ó di 129. Ti Venusaur fún ààbò àkànṣe, tó ń dúró fún `D`, jẹ́ 100, ó di 120. HP ìpìlẹ̀ rẹ̀ 80 di 155. Charizard wá tu Flamethrower, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 90. Ìpele 50 fún wa ní 22. A sọ ọ́ di ìlọ́po 90, ìlọ́po 129, a pín in sí 120, a já ìdá dànù, ó jẹ́ 2128. A pín in sí 50, ó jẹ́ 42, a fi 2 kún un, ó jẹ́ 44. Bí orí-ire bá burú jù, 44 á di 37, bó bá dára jù, á dúró lórí 44. Charizard jẹ́ ẹ̀dá iná, nítorí náà 37 di 55, 44 sì di 66. Venusaur jẹ́ koríko àti májèlé. Iná ń jó koríko ní ìlọ́po méjì, májèlé ò fi kún un, kò sì dín in. Ọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 110, ó parí sí 132. Venusaur tó ní 155 máa la ọwọ́ àkọ́kọ́ já, ṣùgbọ́n èkejì á pa á.

Mo gbé ìjà kan náà lọ sí ìpele 100. HP Venusaur di 301, ọṣẹ́ sì wà láàárín 210 sí 248. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni. Ohun tó mú kí ìpín wù mí nìyí. Nọ́ńbà ń ga, àmọ́ iye ìgbà tí wọ́n máa lu ara wọn dúró síbi tó wà, torí pé HP àti ọṣẹ́ jọ ń gùn pẹ̀lú ìpele. Ìlọ́po méjì sì jẹ́ ìlọ́po méjì níbi gbogbo.

Àbúrò mi tó jókòó tì mí, Pokémon ló tọ́ ọ dàgbà, ní kí n fi Pikachu kọlu Gyarados. Gyarados jẹ́ omi àti ẹ̀dá tó ń fò. Mànàmáná ń dun omi ní ìlọ́po méjì, ó tún ń dun ẹni tó ń fò ní ìlọ́po méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ìpele 50 náà ni mo fi wọ́n sí, Pikachu sì lo Thunderbolt tí agbára òun náà jẹ́ 90. Ohun tó jáde lójú ìbòjú jẹ́ 124 sí 148. HP Gyarados jẹ́ 170.

"Ẹ̀gbọ́n, kóòdù yín ò dáa o. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó pa á."

Mo fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn án. Ìkọlù àkànṣe Pikachu jẹ́ 50 péré ní ìpìlẹ̀, ó di 70 ní ìpele yẹn. Ààbò àkànṣe Gyarados jẹ́ 100, ó di 120. Kí ẹ̀yà tó dé rárá, ọṣẹ́ Pikachu ò ju 25 lọ níbi tí ti Charizard ti jẹ́ 44. Ìlọ́po mẹ́rin ti aláìlágbára ń ṣe ohun tí ìlọ́po méjì ti alágbára ń ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní Gyarados tí wọ́n máa ń pa lẹ́ẹ̀kan nílé ìwé àwọn, ìpele rẹ̀ kì í bá ti Pikachu dọ́gba. Òótọ́ nìyẹn.

Ìdá tí a ń já dànù

Ẹ ti rí i pé kóòdù yẹn kún fún `//`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a pín, kí a sì já ìdá tó bá ṣẹ́kù dànù lójú ẹsẹ̀, ká má dúró di ìparí. Ní ìpele 50 ẹ lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìpele 5 ni kí ẹ ti dán an wò, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Ẹ mú Charmander àti Squirtle ní ìpele 5, IV 15. HP Squirtle jẹ́ 20. Charmander lo Ember, iná kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40, iná ò sì ràn omi dáadáa, ìdajì ni. Ìlà `d` àkọ́kọ́ fún wa ní 4. Orí-ire ní kí a fi `r` sọ ọ́ di púpọ̀, kí a pín in sí 100, ká sì já ìdá dànù. Àfi bí `r` bá jẹ́ 100 gan-an ni 4 yóò fi dúró ní 4. Láti 85 dé 99, ó di 3. Nínú nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tí `r` lè jẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń sọ ọ́ di 3. Ìdajì tí a fi lé e torí ẹ̀yà tirẹ̀ sọ 3 di 4, ẹ̀yà omi wá gé e sí 2. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni Charmander máa tu iná kí Squirtle tó ṣubú, bí orí-ire ò bá bá a ṣe é.

Mo wá kọ ẹ̀dà kejì tí kì í já ohunkóhun dànù, tó ń gbé ìdá kiri títí dé ìparí kó tó sọ ọ́ di odidi tó súnmọ́ ọn jù. Ìkọlù kan náà, ẹ̀dá kan náà, ọṣẹ́ di 3 tàbí 4. Ìjà ìgbà 10 di nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Fọ́múlà ò yí padà o, ibi tí a ti ń já ìdá dànù nìkan ló yí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe àwòkọ géèmù kan tí nọ́ńbà yín sì ń fi 1 tàbí 2 yàtọ̀ sí ti ojú ìbòjú, ẹ má tíì fọwọ́ kan tábìlì ẹ̀yà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọṣẹ́ jáde fún gbogbo `r` láti 85 dé 100 ní ìpele 5, kí ẹ sì fi wé ti géèmù. Bí àwọn tó yàtọ̀ bá kún ibi kan tí ibòmíì sì bára mu, ètò ìlà yín ló lòdì.

Ìdí tí `+ 2` fi wà ní ìparí ìlà `d` àkọ́kọ́ hàn ní ìpele yìí. Láìsí i, ìlà àkọ́kọ́ ì bá jẹ́ 2 dípò 4, orí-ire á sọ ọ́ di 1, ẹ̀yà ò sì ní rí nǹkan kan gé mọ́. Ní ìpele 100, ta ló máa mọ̀ pé 2 wà níbẹ̀?

Tábìlì ẹ̀yà

Kóòdù tábìlì náà kúrú. Àwọn tí kì í ṣe 1 nìkan ni mo kọ sínú rẹ̀, bí kò bá sì rí ẹ̀yà kan níbẹ̀, kó mú un ní 1:

```python
def ilopo(ikolu, awon_eya):
    k = 1
    for e in awon_eya:
        k *= TABILI.get((ikolu, e), 1)
    return k
```

Ìkẹ́kùn kan wà nínú `1` tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí orúkọ ẹ̀yà bá fi lẹ́tà kan ṣìnà, Python ò ní pariwo. Á kàn sọ pé kò rí i, á mú un ní 1, ìjà á sì máa lọ bí ẹni pé ó tọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi Yorùbá kọ orúkọ ẹ̀yà sínú fáìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i ju àwọn tó kù lọ. "Àfẹ́fẹ́" lè wọ inú fáìlì lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Kíbọọ̀dù kan á kọ́kọ́ kọ ẹ, á wá fi àmì ohùn lé e lórí. Òmíràn á kọ́kọ́ kọ é, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú Python wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mànàmáná á kọlu Àfẹ́fẹ́, ìlọ́po 1 ló máa jáde. Ìlà kan ló tán an, ó sì gbọ́dọ̀ kan orúkọ inú tábìlì àti orúkọ lára ẹ̀dá lápapọ̀:

```python
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Ẹ má rò pé tábìlì tó lòdì ò lè dé ọjà. Nínú àwọn géèmù Pokémon àkọ́kọ́, ìkọlù iwin ò ran àwọn ẹ̀dá alágbára ọkàn rárá, 0 ni wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn inú géèmù náà gan-an ń sọ fún èèyàn pé iwin ni wọ́n ń bẹ̀rù. Gold àti Silver ní 1999 ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Láti 2013 ẹ̀yà 18 ló wà nínú Pokémon, ìyẹn àpótí 324 tí èèyàn gbọ́dọ̀ fojú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà péré ni tèmi, àpótí 36. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní ìlà, mo fi ìka tọ́ wọn lọ.

Bí mo ṣe wá fi HP sí i

Ibí ni mo ti kúrò lórí àwòkọ. Mo yọ IV kúrò, mo sì fẹ́ kí ìjà láàárín àwọn tó bára dọ́gba gba ẹ̀ẹ̀mẹrin nígbà tí ẹ̀yà ò bá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí mo bá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, àìlera á sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ lu á ti borí kí èkejì tó gbé ọwọ́. Ìjà "ó kàn mí, ó kàn ẹ́" tí kò kan ẹnì kejì rí kì í ṣe ìjà mọ́.

Mo mú ìpele 20, `agbara` 50, `A` àti `D` dọ́gba, ẹ̀yà ìkọlù sì bá ti ẹni tó ń lù mu. Ìlà àkọ́kọ́ fún mi ní 12. Orí-ire ń sọ ọ́ di 10 nígbà méje nínú mẹ́rìndínlógún, 11 nígbà mẹ́jọ, 12 nígbà kan. Ìdajì tí a fi lé e sọ wọ́n di 15, 16 àti 18. Mo fún ẹ̀dá náà ní HP ìpìlẹ̀ 75, ó di 60. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gbogbo ìgbà: 15 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 60 gẹ́lẹ́, 18 lọ́nà mẹ́ta ò ju 54 lọ. Àìlera ìlọ́po méjì sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì láìyẹsẹ̀. Ìdajì sọ ọ́ di méje sí mẹ́sàn-án. Ó mọ́ jù, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Orí-ire wà nínú fọ́múlà, àmọ́ kò yí ohunkóhun padà. Èyí tó sì burú jù ni ẹ̀dá tó ní àìlera ìlọ́po mẹ́rin: 60, 64 tàbí 72, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kú, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Mo wá gbé HP ìpìlẹ̀ láti 75 sí 80. HP di 62, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju 2 lọ. Nígbà tí ẹ̀yà ò bá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló ṣì wọ́pọ̀ jù, àfi bí 15 bá jáde lẹ́ẹ̀mẹrin léra, nígbà náà ló máa ku 2, tàbí bí 15 bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú 16 kan, nígbà náà ló máa ku 1. Àìlera ìlọ́po méjì ń lọ sí ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà tí 30 bá tẹ̀lé 30. Ìlọ́po mẹ́rin kò sì dájú mọ́: nígbà méje nínú mẹ́rìndínlógún, ọṣẹ́ 60 ni, ẹ̀dá náà á dúró pẹ̀lú HP 2, á sì rí ìgbà tirẹ̀ láti lu padà.

80 ni mo fi sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá ẹlẹ́yà-méjì inú géèmù náà. Àwọn ẹlẹ́yà-kan wà lórí 75 ná. Iṣẹ́ tó kàn ni kí n sáré ìjà ẹgbẹ̀rún kan láàárín ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan àti gbogbo àwọn tó kù, kí n wo ẹ̀yà tí ìṣẹ́gun rẹ̀ ti pọ̀ jù.